Bíréèkì Òòfà Lórí Àwo Irin Tó Ń Yí: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá, Àti Bí A Ṣe Ń Ṣírò Tọ́ọ̀kì Rẹ̀

Kí ló ń dá àwo náà dúró nígbà tí òòfà kò fara kàn án?

Iná ni. Nígbà tí àwo alumíníọ̀mù bá ń yí kọjá láàárín òòfà méjì tó kọjú síra wọn, ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ abẹ́ òòfà ń bá agbára òòfà tó ń pọ̀ sí i pàdé, ibi tó ń jáde sì ń fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìyípadà yẹn ló ń lé iná ṣàn nínú irin náà. Iná yìí kò ní wáyà tí yóò gbà, nítorí náà inú àwo fúnra rẹ̀ ló ti ń pòyì, bí omi odò ṣe máa ń pòyì lẹ́yìn àpáta. Iná apòyì ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Iná tó bá ń ṣàn níwájú òòfà kò lè ṣàn kí òòfà má tì í. Ìtì yìí máa ń kọjú sí òdì ibi tí àwo ń lọ, òun sì ni bíréèkì wa. Agbára tí àwo pàdánù kò sá lọ síbì kankan, ó di ooru nínú irin. Léon Foucault, ará Faransé, fi èyí hàn ní 1855: àwo bàbà tó ń yí wẹ́rẹ́ di ohun tó ṣòro yí nígbà tí òòfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá sì fi agbára yí i, ó ń gbóná.

Ṣé mo ti rí irú rẹ̀ rí?

Bí ẹ bá ti gbé nílé tó ní mítà iná àtijọ́, èyí tó ní àwo pẹlẹbẹ tó ń yí lẹ́yìn gíláàsì, ẹ ti rí i. Kí mítà káàdì tó gbòde, gbogbo wa la mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, àwo yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni òòfà kékeré kan tó la ẹnu gba àwo náà sáàárín bí ẹ̀mú, ní apá kejì sí ibi tí wáyà wà.

Òòfà yẹn ló jẹ́ kí mítà ka iye tó tọ́. Iná tí ẹ ń lò ló ń ti àwo síwájú, òòfà ń fà á sẹ́yìn, bí àwo bá sì ṣe ń sáré tó ni òòfà ṣe ń fà á tó. Ibi tí ìtì àti ìfà bá ti dọ́gba ni eré náà ń dúró sí. Láìsí òòfà, iná gílóòbù kan ṣoṣo lè máa mú àwo yẹn sáré sí i ṣáá. Bí wọ́n bá kọ `600 rev/kWh` sí ojú mítà, áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ kílówọ́ọ̀tì kan yóò yí àwo náà ní ìgbà 600 ní wákàtí kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àpò yín: bí òòfà yẹn bá rẹ̀, bíréèkì dín kù, àwo ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, owó iná sì ń pọ̀ sí i. Bí agbára òòfà bá lọ sílẹ̀ pẹ̀lú 5 nínú 100 péré, àwo yóò fi nǹkan bí 11 nínú 100 sáré sí i. A ó rí ìdí rẹ̀ nínú fọ́múlà.

Ṣé bíréèkì yìí lè di àwo mú kó má yí rárá?

Kò lè ṣe é. Eré ló ń bí iná, iná ló ń bí ìtì. Bí kò bá sí eré, kò sí ohunkóhun. Bí àwo bá ṣe ń falẹ̀ ni bíréèkì ń falẹ̀, ìyókù iṣẹ́ di ti bíárìn àti afẹ́fẹ́. Nítorí náà ẹ má fi í gbé ẹrù rọ̀ sókè kí ẹ sì máa retí pé kò ní sọ̀kalẹ̀. Yóò sọ̀kalẹ̀, jẹ́jẹ́ ni.

Kí ni fọ́múlà tọ́ọ̀kì rẹ̀?

Tọ́ọ̀kì ni agbára tó ń yí nǹkan tàbí tó ń dí i lọ́wọ́ yíyí: bí ẹ ṣe tì í tó, ní ìlọ́po bí ibi tí ẹ ti tì í ṣe jìnnà sí àárín tó. Fún àwo tí kò sáré púpọ̀, ohun tí a ń lò nìyí:

```
T = c · A · d · B² · R² · ω / ρ
```

`A` ni fífẹ̀ ojú òòfà ní mítà onígun mẹ́rin, `d` ni nínípọn àwo, `B` ni agbára òòfà nínú àlàfo ní tẹ́sílà. `R` ni ìwọ̀n láti àárín àwo dé àárín òòfà, `ω` ni eré yíyí ní rédíánì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyípo kan sì jẹ́ rédíánì 6.28, `ρ` ni bí irin náà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó. Lẹ́tà `c` ní ìbéèrè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ má kàn há a sórí. `B` wọlé lẹ́ẹ̀mejì nítorí òòfà ṣe iṣẹ́ méjì: ó dá iná náà sílẹ̀, ó sì tún tì í. Ìdí nìyẹn tí òòfà tó rẹ̀ díẹ̀ fi ń ba mítà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. `R` náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì: bí òòfà bá ṣe jìnnà sí àárín ni irin ṣe ń yára kọjá lábẹ́ rẹ̀, apá tí ó fi ń ti àwo náà sì ń gùn sí i. Nínú mítà iná, sísún òòfà síta tàbí sínú ni wọ́n fi ń tún eré àwo ṣe.

Kí ni `c` yẹn, ṣé mo lè gbàgbé rẹ̀?

Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ìdáhùn yín yóò ju ìlọ́po méjì òótọ́ lọ. Abẹ́ òòfà ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yí gba ìta padà kó tó lè pé, ọ̀nà ìpadàbọ̀ yẹn náà sì ń dí i lọ́wọ́. Fún òòfà olójú róbótó tó wà láàárín àwo gbígbòòrò, ìdajì gan-an ni `c`. Bí òòfà bá súnmọ́ etí àwo, ọ̀nà ìpadàbọ̀ á há, `c` á sì dín kù:

```
c = 0.5 · [1 − 0.25 / ((1 + R/a)² · ((a − R)/D)²)]
```

`a` ni ìdajì ìbú àwo, `D` ni ìbú ojú òòfà. Ẹ má lò ó bí òòfà bá yọ etí kọjá síta àwo. Ìdáhùn tí yóò fún yín níbẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ ṣírò ọ̀kan fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká mú àwo alumíníọ̀mù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 240 mílímítà, tó nípọn 4 mílímítà. Òòfà méjì róbótó, ìbú 30 mílímítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọjú síra wọn, àlàfo àárín wọn jẹ́ 10 mílímítà, àárín òòfà sì wà ní 90 mílímítà sí àárín àwo. A wọn òòfà nínú àlàfo, a rí 0.3 tẹ́sílà. `ρ` alumíníọ̀mù tó mọ́ dáadáa jẹ́ nǹkan bí 2.8e-8 nínú ooru yàrá.

`R/a` jẹ́ 0.75, `(a − R)/D` sì jẹ́ 1, nítorí náà `c` jáde sí 0.46. Fífẹ̀ ojú òòfà jẹ́ 0.000707. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fọ́múlà, ẹ yọ eré sílẹ̀ ná:

```
k = 0.46 × 0.000707 × 0.004 × 0.3² × 0.09² / 2.8e-8
k ≈ 0.034 N·m·s/rad
```

`k` yìí ni ẹ óò máa gbé kiri. Bí àwo bá ń yí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn rédíánì 31.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi lọ́po `k`, tọ́ọ̀kì jẹ́ nǹkan bíi 1.06 níútọ́nù-mítà. Kí ẹ lè fojú inú wò ó: bí ẹ bá so ike omi lítà kan mọ́ orí ọ̀pá tó gùn ní sẹ̀ntímítà 11, tọ́ọ̀kì tí ike yẹn ń fún ìdí ọ̀pá náà nìyẹn.

Kí ló dé tí bíréèkì mi ń rẹ̀ nígbà tí mo fi kún eré?

Nítorí iná apòyì náà di òòfà. Bí eré ṣe ń pọ̀, iná inú àwo ń pọ̀, òun fúnra rẹ̀ wá ń dá agbára òòfà tirẹ̀ sílẹ̀ tó ń lé ti òòfà yín jáde lára irin. Eré kan wà tí tọ́ọ̀kì ti ga jù lọ, a ó pè é ní eré òtéńté. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ bá ṣe ń sáré sí i ni bíréèkì ń dín kù sí i. Ẹni tó bá ń fi fọ́múlà àkọ́kọ́ ṣírò bíréèkì ẹ̀rọ tó ń sáré gan-an yóò kó ara rẹ̀ sí wàhálà níbí, nítorí ìwé rẹ̀ ń sọ pé bíréèkì ń le sí i, àwo sì ń sá lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí, `v` ni eré irin lábẹ́ òòfà (`R · ω`), `x` ni àlàfo láti òòfà kan sí èkejì, `μ0` sì ni nọ́ńbà òòfà tí kì í yí padà, 1.257e-6:

```
T  = k · ω / (1 + (v/vk)²)
vk = (2/μ0) · sqrt(1/c) · (ρ/d) · sqrt(x/D)
```

Fún àwo wa, `vk` jáde sí nǹkan bíi mítà 9.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó jẹ́ ìyípo bíi 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìyípo 300, àtúnṣe náà gé tọ́ọ̀kì láti 1.06 sí 0.98, èyí kì í ṣe nǹkan ńlá. Ní ìyípo 1,000, tọ́ọ̀kì dé òtéńté rẹ̀, 1.78. Ní ìyípo 2,000, fọ́múlà àkọ́kọ́ yóò sọ pé 7.1, òótọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ 1.43. Òfin tí mo ń lò fún ara mi ni pé bí `v` kò bá tíì tó ìdá mẹ́ta `vk`, ẹ lè gbàgbé àtúnṣe.

Ẹ mọ̀ pé ìfojúbù ni `vk` yìí. Mi ò ní bínú bí ti ẹ̀rọ yín bá fi ìdá márùn-ún ju tèmi lọ tàbí kó dín sí i bẹ́ẹ̀.

Ṣé tí mo bá lo àwo tó nípọn jù, tàbí bàbà, bíréèkì á le sí i?

Ó dọwọ́ eré tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ padà wo fọ́múlà méjèèjì: bí ẹ bá fi nínípọn lọ́po méjì, `k` lọ́po méjì, ṣùgbọ́n `vk` gé sí ìdajì. Òtéńté tọ́ọ̀kì kò yẹ̀ rárá. Ó kàn súnmọ́ ìsàlẹ̀ ni. Bàbà náà bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí iná kọjá ju alumíníọ̀mù lọ (`ρ` rẹ̀ jẹ́ 1.7e-8), nítorí náà ó dára fún ẹ̀rọ tó ń lọ jẹ́jẹ́, ó sì lè burú ju alumíníọ̀mù lọ fún èyí tó ń sáré. Kò sì fúyẹ́, kò pọ́ọ́kú.

Bí òtéńté fúnra rẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbé ga, òòfà ni kí ẹ lọ bá: ẹ fi agbára rẹ̀ kún un, ẹ fẹ ojú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi òòfà méjì mìíràn sí apá kejì àwo. Bí wọ́n bá jìnnà síra wọn dáadáa, ẹ lè ro tọ́ọ̀kì wọn pọ̀ láìṣe ìṣírò mìíràn.

Irin dúdú ńkọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe rótọ̀ ọkọ̀? Ẹ má fi fọ́múlà yìí ṣírò rẹ̀. Òòfà ń fa irin dúdú mọ́ra, agbára òòfà ń gba inú rẹ̀ lọ́nà mìíràn, ìwọ̀n tí ẹ rí kò ní bá ìwé mu.

Wọ́n gé ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí àwo tí mo rà. Ṣé ó léwu?

Ó léwu fún bíréèkì. Bí ihò náà bá bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo wọ inú bí eyín ìyarun, ó ti gé ọ̀nà iná apòyì. Àwo bẹ́ẹ̀ máa ń yí kọjá láàárín òòfà bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ihò róbótó kéékèèké tí kò dé etí kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Àwo mi ń gbóná, bíréèkì sì ń dẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ní ìyípo 300, àwo tí a ṣírò lókè ń gba nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 31 ti ooru sínú. Ó wúwo bí ìdajì kílò, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ kò bá gbé ooru kúrò, yóò máa fi bí dígírì mẹ́rin gbóná sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kò dà bí nǹkan, àmọ́ ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Alumíníọ̀mù tó gbóná ń dí iná lọ́wọ́ sí i, bí 0.4 nínú 100 fún dígírì kan. Láti dígírì 20 dé 120, `ρ` fi bí 39 nínú 100 pọ̀ sí i, tọ́ọ̀kì ní eré kékeré sì ṣẹ́ kù sí bí 72 nínú 100. Bí ẹ̀rọ yín bá ń ṣiṣẹ́ pẹ́, `ρ` ti àwo gbígbóná ni kí ẹ fi ṣírò. Òòfà náà ni kí ẹ ṣọ́: àwọn òòfà alágbára tó ń dán bíi fàdákà tí wọ́n ń tà káàkiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yẹ kó kọjá dígírì 80. Bí àwo bá tutù tán tí bíréèkì kò padà sípò, òòfà ló ti bàjẹ́.

Mo ṣírò 1 níútọ́nù-mítà, ẹ̀rọ mi ń fún mi ní ìdá mẹ́rin rẹ̀. Níbo ni mo ti ṣì í?

Nínú `B` ni mo máa ń wò kọ́kọ́. Iye tí ẹni tó ta òòfà kọ sára páálí jẹ́ ti ojú òòfà tàbí ti inú rẹ̀, kì í ṣe ti àárín àlàfo yín. Bí `B` bá jẹ́ ìdajì ohun tí ẹ rò, tọ́ọ̀kì di ìdá mẹ́rin, ohun tí ẹ sì ń rí gan-an nìyẹn. Ẹ yọ àwo kúrò, ẹ wọn àárín àlàfo gan-an. Ẹ má fi fóònù wọ̀n ọ́n. Ìmọ̀lára òòfà inú fóònù kún tán ní mílítẹ́sílà díẹ̀, àwa ń sọ̀rọ̀ nípa 300. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú náà ń kún kí ó tó dé ibẹ̀, nọ́ńbà tó dúró gbọnyin bí ẹ ṣe ń sún òòfà mọ́ra sì ni àmì pé ó ti kún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo irú alumíníọ̀mù yín. Èyí tí wọ́n pò mọ́ nǹkan mìíràn kó lè le, `ρ` rẹ̀ lè dé 4e-8 tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá mẹ́ta tọ́ọ̀kì ti lọ nìyẹn. Bí ìṣírò yín bá wá ju òótọ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá, ìyípo ìṣẹ́jú kan ni ẹ fi sí ipò `ω` láìyí i sí rédíánì.

Báwo ni mo ṣe lè wọn tọ́ọ̀kì nílé láìní ẹ̀rọ olówó ńlá?

Ẹ jẹ́ kí ẹrù sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi púlì kékeré kan sí ìdí àwo, ká ní láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ 20 mílímítà. Ẹ ká okùn mọ́ ọn, ẹ so ẹrù mọ́ okùn, ẹ sì jẹ́ kó máa lọ sílẹ̀. Kò ní já bọ́. Láàárín ìdá kan ìṣẹ́jú àáyá ni eré rẹ̀ yóò ti dúró sójú kan, tí yóò máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, nítorí tọ́ọ̀kì ẹrù àti ti bíréèkì ti dọ́gba. Aago fóònù tó láti fi ka àkókò mítà kan.

Ẹrù méjì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀kan, nítorí bíárìn náà ń fa tirẹ̀, fífà yẹn kò sì yí padà pẹ̀lú eré bíi ti òòfà. Ká ní gíráàmù 250 lo ìṣẹ́jú àáyá 43 fún mítà kan, gíráàmù 500 sì lo 19. Bí kì í bá ṣe ti bíárìn, ìdajì ni ì bá jẹ́, 21 àbọ̀. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì:

```
ω1 = (1/43)/0.02 = 1.16 rad/s    T1 = 0.25 × 9.81 × 0.02 = 0.049 N·m
ω2 = (1/19)/0.02 = 2.63 rad/s    T2 = 0.50 × 9.81 × 0.02 = 0.098 N·m
k  = (0.098 − 0.049) / (2.63 − 1.16) ≈ 0.033
```

Ohun tó ṣẹ́ kù fún bíárìn jẹ́ bíi 0.01 níútọ́nù-mítà. `k` tí ẹ wọ̀n, 0.033, súnmọ́ 0.034 tí ìṣírò fún wa. Bí tiyín bá jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tú òòfà kúrò, kí ẹ tún sọ ẹrù náà sílẹ̀. Bí ó bá ṣì ń lọ jẹ́jẹ́ láìsí òòfà, bíárìn ni kí ẹ lọ tún ṣe kí ẹ tó tún fọwọ́ kan fọ́múlà.